Lẹ́tà ìwáṣẹ́: ohun mẹ́ta tó yẹ kí á yẹ̀ wò kí á tó fi ránṣẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ ta aṣọ ní ọjà Kétu mú lẹ́tà kan wá bá wa. Ilé iṣẹ́ rédíò agbègbè kan ń wá ẹni tí yóò máa ka ìròyìn ní èdè Yorùbá. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà fi Yorùbá kọ lẹ́tà rẹ̀, kí àwọn lè mọ bó ṣe ń lo èdè. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ tí wọ́n dá máa pé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ yìí ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí ibòmíràn láìrí èsì kankan. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo ti kà á títí, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀."

Àwa náà kà á. Àmì ohùn rẹ̀ pé, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó kọ sódì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kà á tán, a kò lè sọ iṣẹ́ kan pàtó tí ọmọ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe rí. A bi í léèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́ tó pọ̀ ju ohun tí lẹ́tà náà sọ lọ. Lẹ́tà náà gan-an ló bo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀.

Ó gbà pé kí á fi lẹ́tà náà ṣe àpẹẹrẹ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí a kò bá ti dárúkọ òun. Bí ó ṣe kọ ọ́ nìyí. Àwa la fi nọ́ńbà síwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ó lè rọrùn láti tọ́ka sí wọn.

1. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo fẹ́ fi àǹfààní yìí sọ fún yín pé inú mi dùn gidigidi láti kọ lẹ́tà yìí sí yín lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìròyìn kíkà tí ẹ kéde rẹ̀.
2. Mo jẹ́ ẹni tí a ti fún ní ẹ̀kọ́ nípa kíkọ àti kíka èdè Yorùbá.
3. Mo tún jẹ́ ẹni tó ní ìrírí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ ìkéde.
4. Ìkéde nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára ni a túmọ̀ láti èdè Faransé sí Yorùbá láti ọwọ́ mi ní ọdún 2022.
5. Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni a dá sílẹ̀ ní àdúgbò wa, tí a sì kọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà bí wọn yóò ṣe máa kọ orúkọ wọn.
6. Mo gbàgbọ́ ní tòótọ́ pé, ní ti gidi, mo lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa.
7. Mo jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kára, tó jẹ́ olóòótọ́, tó sì ní ìfarajìn.
8. Mo sì fẹ́ràn láti máa bá ènìyàn ṣiṣẹ́.
9. Mo ń retí èsì yín.

Àìsàn mẹ́ta ló ń bá lẹ́tà yìí jà. Èkíní ni gbólóhùn tó fi olùṣe pamọ́. Èkejì ni ọ̀rọ̀ òfìfo. Ẹ̀kẹta ni gbólóhùn tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́nà kan náà ṣáá. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà mẹ́ta ni kí ẹ ka lẹ́tà yín, ọ̀kan fún ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ̀ lé bí a ṣe tò wọ́n yìí. Ìdí tí a fi tò wọ́n bẹ́ẹ̀ yóò hàn bí a bá dé ìparí.

Ìgbà kìíní: ta ló ṣe é?

Ẹ mú bírò, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan nínú lẹ́tà náà, kí ẹ sì bi gbólóhùn náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló ṣe é? Bí gbólóhùn náà bá dáhùn, ẹ kọjá. Bí kò bá dáhùn, tàbí tó bá jẹ́ ìdí gbólóhùn ni ìdáhùn náà sá pamọ́ sí, ẹ dúró níbẹ̀.

Gbólóhùn kẹrin ni kí á kọ́kọ́ wò. "Ìkéde ni a túmọ̀ láti ọwọ́ mi." Kò sí ìyá ọlọ́jà kan tí yóò sọ pé, "Ọbẹ̀ yìí ni a sè láti ọwọ́ mi." "Èmi ni mo sè é" ló máa sọ. Èdè Faransé ni irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti wọlé sí wa lára. Nínú lẹ́tà Faransé, ó wọ́pọ̀ kí ohun tí wọ́n ṣe ṣáájú, kí ẹni tó ṣe é sì wá kẹ́yìn, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ rárá. Nítorí pé Faransé ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ lẹ́tà kíkọ ní ilé ìwé, a máa ń gbé ètò gbólóhùn náà wá sínú Yorùbá láìmọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: "Mo túmọ̀ ìkéde abẹ́rẹ́ àjẹsára láti èdè Faransé sí Yorùbá."

Gbólóhùn karùn-ún ló le jù, nítorí pé ó dà bí ẹni pé kò ní àléébù. "Kíláàsì ni a dá sílẹ̀." Ta ni "a" yìí? Nínú èdè wa, "a" lè túmọ̀ sí èmi àti àwọn mìíràn. Ó sì tún lè jẹ́ ẹnikẹ́ni, bí ìgbà tí à ń sọ pé "bí a ṣe ń ro ọkà". Ẹni tó bá ka gbólóhùn yìí kò lè mọ̀ bóyá ọmọ náà ló dá kíláàsì sílẹ̀, bóyá ìjọba ló dá a sílẹ̀ tí òun kàn ń gbé nítòsí, tàbí bóyá òun gan-an jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. A bi í. Ó ní òun àti ọ̀rẹ́ òun kan ló dá a sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà ló ń wá àyè, pátákó àti ẹfun, òun ló sì ń kọ́ni. Obìnrin 14 ló parí ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè náà kò wulẹ̀ tún gbólóhùn ṣe. Ó fa òtítọ́ jáde. Bí ó bá sọ pé "Mo dá kíláàsì sílẹ̀", ó ti jẹ mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lára, àṣírí sì lè tú bí wọ́n bá wádìí. Bí ó bá fi sílẹ̀ sí "a dá sílẹ̀", iṣẹ́ tirẹ̀ ló sọ nù. "Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan dá kíláàsì sílẹ̀, òun ń wá àyè àti pátákó, èmi sì ń kọ́ni" ni ó ṣe déédéé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú ìkéde àjẹsára yẹn. Òun ló túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ àgbà kan ló bá a yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó kà á fún ọjà. Ó yẹ kí lẹ́tà sọ èyí pẹ̀lú. Kò dín iyì rẹ̀ kù, nítorí pé ẹni tó ń mú iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún àgbà kó yẹ̀ ẹ́ wò ni ilé iṣẹ́ rédíò ń wá.

Àmì tí ẹ lè fi dá àrùn yìí mọ̀ kò pọ̀: "ni a" láàárín gbólóhùn, "láti ọwọ́", "jẹ́ èyí tí a", àti "wáyé", bí ìgbà tí wọ́n ń kọ pé "ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wáyé". Àwa oníròyìn gan-an kì í wẹ̀ kúrò nínú "wáyé" yìí. Bí lẹ́tà yín bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl+F, kí ẹ wá "láti ọwọ́" pẹ̀lú àmì ohùn gan-an bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ nínú lẹ́tà, kí ó má baà fo yín dá. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ara yín wo ibi kọ̀ọ̀kan tó bá mú wá. "Mo gba ẹ̀bùn láti ọwọ́ olórí ilé ìwé" kò ní àléébù kankan, torí pé "láti ọwọ́" ibẹ̀ ń sọ ibi tí ẹ̀bùn ti wá.

Kì í sì í ṣe gbogbo gbólóhùn tó fi olùṣe pamọ́ ló burú. "Wọ́n bí mi ní Kétu" dára bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ agbẹ̀bí? "Mo mọ bí a ṣe ń fi àmì ohùn sórí Yorùbá" dára pẹ̀lú, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni "a" ibẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ náà bá ti jẹ́ tiyín, tí ẹ sì fẹ́ kí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà yín, ibẹ̀ ni kò yẹ kí ẹ ti sá pamọ́.

Ìgbà kejì: kí ló kù bí a bá yọ ọ́?

Ní báyìí, ẹ ka lẹ́tà náà sókè, kí ẹ máa fi ìka bo ọ̀rọ̀ tó bá ń ṣe yín bí ẹni pé kò wúlò. Bí ìtumọ̀ kò bá yí padà, ẹ yọ ọ́.

Nínú gbólóhùn kẹfà, ẹ bo "ní tòótọ́" àti "ní ti gidi". Kò sí ohun tó sọ nù. Wọ́n tilẹ̀ ń mú kí ẹni tó ń kà á béèrè pé, ṣé ọ̀rọ̀ tó kù kì í ṣe òtítọ́ ni? Nínú gbólóhùn kìíní, ẹ bo "mo fẹ́ fi àǹfààní yìí sọ fún yín pé inú mi dùn gidigidi láti kọ lẹ́tà yìí sí yín". Ẹni tó di lẹ́tà mú ti mọ̀ pé ẹ ti kọ ọ́. Ohun tó kù ni iṣẹ́ tí ẹ ń béèrè, òun náà ló sì yẹ kó ṣáájú. "Jẹ́ ẹni tó" nínú gbólóhùn keje jẹ́ ọ̀rọ̀ òfìfo bákan náà, nítorí pé "mo ń ṣiṣẹ́ kára" ni gbogbo rẹ̀ já sí.

Irú òfìfo kejì wà tó ṣòroó rí, nítorí pé ó dùn létí. "Ìrírí tó pọ̀", "olóòótọ́", "ìfarajìn", "mo fẹ́ràn láti máa bá ènìyàn ṣiṣẹ́". Ọ̀nà tí a fi ń dán wọn wò ni pé: ṣé ẹlòmíràn tó ń wá iṣẹ́ yìí kan náà lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́? Bí ó bá lè kọ ọ́, kò sọ nǹkan kan nípa yín. Ẹ má wulẹ̀ yọ irú èyí. Ẹ béèrè ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. A bi ọmọ náà pé, "Ìrírí tó pọ̀ yìí, mélòó ni?" Ó ní ìkéde 6 ni òun túmọ̀ fún ilé ìwòsàn àdúgbò, tí òun sì fi gbohùngbohùn kà ní ọjà. Ìkéde 6 kì í ṣe ẹgbẹ̀rún kan, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ohun tí ènìyàn lè fojú rí. A tún bi í pé, "Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún ọ ńkọ́?" Ó ní oṣù 6 ni òun fi kọ́ ọ. Báyìí ni gbólóhùn kẹta, ìkẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ ṣe jáde kúrò nínú lẹ́tà, tí nǹkan gidi sì rọ́pò wọn.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé kí á wá yọ ìkíni kúrò? Rárá o. Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àgbà láìkí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o" kì í ṣe òfìfo. Ọ̀wọ̀ ni, ọ̀kan sì tó. Ohun tí a kò fẹ́ ni ìkíni Faransé tí wọ́n fi Yorùbá wọ̀ láṣọ, irú bíi "ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gba ìkíni ọ̀wọ̀ mi tó ga jù lọ". Nínú lẹ́tà Faransé, irú ìparí gígùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ àṣà, ẹni tí kò bá sì kọ ọ́ lè dà bí aláìmọ̀wàáhù. Bí Faransé lẹ bá fi ń kọ lẹ́tà yín sí iléeṣẹ́ kan ní Kútọnu, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Nínú lẹ́tà Yorùbá, kò ní ibùjókòó.

Ìgbà kẹta: báwo ni gbólóhùn ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú ìwé mìíràn, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí i, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, gbólóhùn 9 ló wà, "Mo" sì bẹ̀rẹ̀ 6 nínú wọn. Lẹ́yìn tí a tún olùṣe ṣe, gbólóhùn kẹrin pẹ̀lú di "Mo túmọ̀", ó wá di 7. Ìdí nìyí tí a fi ní kí èyí gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tún ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ṣe, tí ẹ tó wá mú olùṣe jáde, "Mo" yóò tún kún ibẹ̀ padà, iṣẹ́ yín yóò sì di asán. Bákan náà, kí ni ẹ fẹ́ máa tún ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tí ẹ máa yọ dànù ṣe fún?

"Mo" kò burú. Méjì tó tẹ̀ lé ara wọn kò dun ẹnikẹ́ni. Mẹ́ta, mẹ́rin léraléra ló máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n ń lu pátákó kan náà, tí etí ẹni tó ń gbọ́ á sì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn lórí rédíò ló kọ lẹ́tà yìí, àwọn tí yóò kà á sì mọ bí etí ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí á gbé àkókò tàbí ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ síwájú: "Ní ọdún 2022, mo túmọ̀…" Ọ̀nà kejì ni kí á so gbólóhùn méjì pọ̀: "Mo túmọ̀ wọn, mo sì kà wọ́n ní ọjà." Ọ̀nà kẹta ni kí á jẹ́ kí ẹlòmíràn tó wà nínú ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, bí olùkọ́ àgbà yẹn tàbí àwọn obìnrin 14 náà. Ọ̀nà kẹrin ni lílo "ni": "Oṣù 6 ni mo fi kọ́ ọ." Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ "ni" yìí lò. Ó ní ìtumọ̀ tirẹ̀. "Ìkéde ni mo túmọ̀" ń sọ pé ìkéde ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn. "Èmi ni mo kọ́ wọn" ń sọ pé èmi ni, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ẹni tó bá lò ó nínú gbogbo gbólóhùn yóò dà bí ẹni tó ń bá ènìyàn jiyàn.

Àṣìṣe kan tún wà tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe níbí. Wọ́n á kó "Bákan náà", "Síwájú sí i" àti "Pẹ̀lúpẹ̀lù" síwájú "mo", wọ́n á sì rò pé àwọn ti tún un ṣe. Etí ṣì ń gbọ́ "mo" náà, ọ̀rọ̀ òfìfo tí wọ́n ti lé jáde ní ìgbà kejì sì ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà.

Bí lẹ́tà náà ṣe rí nígbẹ̀yìn

Ọmọ náà jókòó ti tábìlì wa, ó tún un kọ fúnra rẹ̀. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń béèrè fún iṣẹ́ ìròyìn kíkà ní èdè Yorùbá tí ẹ kéde. Oṣù 6 ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn. Ní ọdún 2022, mo túmọ̀ ìkéde abẹ́rẹ́ àjẹsára 6 láti èdè Faransé sí Yorùbá fún ilé ìwòsàn àdúgbò wa, mo sì fi gbohùngbohùn kà wọ́n ní ọjà. Olùkọ́ àgbà kan bá mi yẹ̀ wọ́n wò kí n tó kà wọ́n. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tún dá kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sílẹ̀. Òun ń wá àyè àti pátákó, èmi sì ń kọ́ni. Obìnrin ọlọ́jà 14 ló parí ẹ̀kọ́ náà, tí wọ́n sì lè kọ orúkọ wọn. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ láti sọ ọ̀rọ̀ tó le lọ́nà tí ìyá ọlọ́jà yóò fi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, mo lè wá ka ìròyìn níwájú yín lọ́jọ́ tó bá wù yín. Mo ń retí èsì yín."

A tún kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ inú wọn sílẹ̀: Ẹ, Mo, Oṣù, Ní, Olùkọ́, Èmi, Òun, Obìnrin, Níbẹ̀, Tí, Mo. Gbólóhùn 11, "Mo" bẹ̀rẹ̀ 2 péré, wọn kò sì súnmọ́ ara wọn. Ẹ wo gbólóhùn tó sọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́jà yẹn. Kò sí nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ rárá. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ òfìfo kúrò ni àyè tó gbà á, òun gan-an ló sì so iṣẹ́ tó ti ṣe mọ́ iṣẹ́ tó ń wá. "Bí a ṣe ń kọ" ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú "a" rẹ̀, a kò sì fọwọ́ kàn án, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni "a" yẹn.

Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó kà á sókè fún ìyá rẹ̀ tó wá pè é pé oníbàárà ń dúró. Ìyá náà gbọ́ ọ títí dé ìparí, ó ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé o sọ̀rọ̀ òun níbẹ̀?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun á sọ fún un. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó gun alùpùpù, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú lẹ́tà náà lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Títí di àsìkò tí à ń kọ ìròyìn yìí, wọn kò tíì pè é. A ó jẹ́ kí ẹ gbọ́ bí èsì bá dé.